Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Lé, Kí Wọ́n Tó Bá Afínkoríko Wí

Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè Òkákà, láàárín Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ó ṣòro kí ènìyàn tọ ọ̀nà oko kí ó má rí ọkùnrin tó gbé táǹkì oògùn koríko kọ́yìn. Ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, kò bo imú, kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi oògùn sì ń kán sí i lẹ́yìn. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá ṣàìsàn lọ́la, ìdájọ́ kì í pẹ́ jáde: wọn yóò ní àìbìkítà rẹ̀ ló kó bá a. Wọ́n á ní wọ́n ti sọ fún un, kò gbọ́. Wọ́n á ní kí ìjọba túbọ̀ la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀.

Ìdájọ́ yìí rọrùn, ó sì jọ òtítọ́, nítorí ohun tí ojú rí ni. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀bi rù ẹni tí kò ni ín. Àwọn àgbà ní kí á lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ ná, kí á tó fi àbọ̀ bá adìẹ wí. Nínú ọ̀ràn oògùn koríko ní Òkè-Ògùn, adìẹ nìkan ni wọ́n ti ń bá wí láti ọdún yìí wá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣì ń jẹ̀ káàkiri agbo.

Ìdájọ́ náà ní ìtàn, kò sì ti oko bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1931, Herbert William Heinrich, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò Travelers ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè dènà jàǹbá ní ilé iṣẹ́. Ó ní òun yẹ ìròyìn jàǹbá 75,000 wò, òun sì rí i pé nínú gbogbo 100, 88 ló ti ọwọ́ ìwà àìtọ́ òṣìṣẹ́ wá, 10 ló ti ara ẹ̀rọ àti àyíká iṣẹ́ wá, 2 péré ni kò ṣeé dènà. Iye yìí tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́, àwọn tó ń kọ́ni ní ètò ààbò sì ń tún un sọ títí di òní.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wọn kò béèrè ni pé, ta ló kọ àwọn ìròyìn náà? Ìwé adójútòfò àti àkọsílẹ̀ àwọn onílé iṣẹ́ ni. Alábòójútó tó bá kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kò ní ìbòrí ti fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Èyí tó bá kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kò ṣọ́ra ti yọ ọrùn tirẹ̀. Heinrich tún yan okùnfà kan ṣoṣo fún jàǹbá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí jàǹbá kan lábẹ́ ọ̀run tó ní okùnfà kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn olùwádìí ìgbà tiwa sì wá ìwé ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kiri, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí i.

Lórí èrò yìí ni wọ́n wá kọ́ ètò ààbò tó dá lórí ìwà òṣìṣẹ́ lé, èyí tó gbilẹ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn yóò kọ àwọn ìwà tó léwu sínú káàdì: kò dé àṣíborí, kò wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ẹrù bí kò ṣe yẹ. Ẹnìkan yóò dúró wo òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, yóò fàlà sí ohun tó ṣe dáadáa àti ohun tó ṣe láìdáa. Wọn yóò ka àwọn àlà náà, wọn yóò wá mọ iye tó dára nínú 100, wọn yóò bá òṣìṣẹ́ sọ ọ́, wọn yóò yìn ín bí ó bá gbìyànjú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọn yóò tún kà á.

Kì í ṣe pé ètò yìí kò wúlò rárá. Níbi tí ẹ̀rọ ti ní ìbòrí, tí irinṣẹ́ pé, tí owó iṣẹ́ kò sì fi dandan mú òṣìṣẹ́ sáré, ìṣírí àti ìránnilétí lè mú kí àwọn ènìyàn túbọ̀ lo ohun ààbò. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè rí ju ohun tí ojú rí lọ. Káàdì náà ní àyè fún ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́. Kò ní àyè fún ẹni tó ra oògùn, ẹni tó ra táǹkì, ẹni tó dá iye owó iṣẹ́, àti ẹni tó gbà kí wọ́n máa ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́jà.

Ká ní wọ́n gbé káàdì náà wá sí oko kan ní Òkákà. Àlà àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ti aṣọ: kò wọ aṣọ ààbò tó nípọn, kò wọ bàtà rọ́bà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Táǹkì tó wọ́pọ̀ ń gba lítà 16. Bí wọ́n bá fẹ́ fín hékítà kan bó ṣe yẹ, omi tí yóò lọ sí i tó nǹkan bí lítà 200, ìyẹn táǹkì 12 tàbí 13. Ẹnu ìfín kan ṣoṣo kì í fín ju nǹkan bí mítà kan lọ ní fífẹ̀, nítorí náà, ẹni tó bá fín hékítà kan tán ti rin kìlómítà 10 nínú ebè àti koríko, ó sì ti fi ẹ̀yìn pọn omi tó tó kìlógíráàmù 200, ní gbígbé rẹ̀ lé ara wọn. Nínú oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wọ aṣọ rọ́bà látòkè délẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, ooru ni yóò kọ́kọ́ dá a wólẹ̀ kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe agídí ló mú kí afínkoríko bọ́ aṣọ náà sílẹ̀. Ara rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn náà sì tọ́.

Àlà kejì yóò jẹ́ ti ẹ̀yìn tó tutù. Táǹkì ń jò níbi ìdérí tàbí níbi tí ọ̀pá ìfín ti so mọ́ okùn rọ́bà. Ohun tó ń fà á kò ju òrùka rọ́bà kékeré kan lọ tó ti jẹ tàbí tó ti gbẹ. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe afínkoríko ló ni táǹkì náà; ó yá a ni, tàbí kí olóko gbé e fún un. Ẹni tó ni táǹkì kò ní ìdí láti pààrọ̀ rọ́bà náà, nítorí kì í ṣe ẹ̀yìn tirẹ̀ ni yóò tutù. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tutù kò sì ní táǹkì mìíràn tí yóò gbé.

Àlà kẹta yóò jẹ́ ti ìkánjú: ó ń fín nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sì sinmi láti fọ ọwọ́. Níbi púpọ̀, iye táǹkì ni wọ́n fi ń sanwó fún afínkoríko, kì í ṣe iye wákàtí tàbí ọjọ́. Bí ó bá dúró de afẹ́fẹ́, owó dúró. Bí ó bá rìn lọ fọ ọwọ́ níbi tí omi wà, owó dúró. Ẹni tó ṣètò owó náà ló ṣètò ìkánjú náà, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò sí nínú káàdì.

Àlà kẹrin, èyí tó burú jù lọ, yóò jẹ́ ti pípo oògùn. Inú ike ni ògidì oògùn wà. Bí wọ́n bá ti pò ó pọ̀ mọ́ omi nínú táǹkì, ó ti fúyẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ìgbà tí wọ́n ń dà á kúrò nínú ike fi léwu ju ìgbà tí wọ́n ń fín ín lọ fíìfíì. Táǹkì 12 túmọ̀ sí pé ọwọ́ lásán kan ògidì náà nígbà 12 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìdérí ike tàbí agolo mílíìkì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Àlàyé tó wà lára ike, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná. Bí alágbàtà bá sì ti tú u sínú ike omi láti tà á ní wẹ́wẹ́, àlàyé náà kò sí mọ́ rárá.

Àlà mẹ́rin, ẹlẹ́bi kan nínú káàdì. Bí ẹ bá sì tẹ̀ lé àlà kọ̀ọ̀kan dé ìdí rẹ̀, kò sí èyí tó parí sọ́dọ̀ afínkoríko.

Ìdánwò kan wà tí àwọn onímọ̀ ààbò ń lò láti mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ẹ mú òṣìṣẹ́ náà kúrò, kí ẹ fi ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ tó sì ní ìfarabalẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nínú ooru kan náà, pẹ̀lú táǹkì kan náà àti owó kan náà. Bí ẹni tuntun náà bá ṣe ohun kan náà, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ló léwu, kì í ṣe ènìyàn náà. Láti Òkákà dé Òtu, dé Ṣakí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìwà wọn kò jọra ni wọ́n ń fín koríko lọ́nà kan náà. Kò lè jẹ́ pé gbogbo wọn ló ya aláìbìkítà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oògùn náà fúnra rẹ̀, nítorí bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Èyí tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni parakúátì. Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ lásán. Ó yá, ó dín owó kù, òjò tó bá rọ̀ kété lẹ́yìn tí wọ́n fín in kì í ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ewé koríko á sì ti rọ kí ọjọ́ kejì tó pé. Ṣùgbọ́n ẹnu kan péré nínú ògidì rẹ̀ tó láti pa àgbàlagbà. Ó ń gba ojú egbò wọlé, àkọsílẹ̀ sì wà nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí táǹkì tó ń jò sí wọn lẹ́yìn ṣekú pa. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa ń bàjẹ́, títí ẹni náà kò fi ní lè mí mọ́. Kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kankan ní ayé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di oògùn koríko. Láti ọdún 2007 ni kò ti sí àṣẹ láti lò ó mọ́ ní Yúróòpù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ilé iṣẹ́ tó wà ní Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ń ṣe é, ó ń kó o ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àgbẹ̀ Yúróòpù tó kàwé, tó ní katakata tó ní yàrá onígíláàsì, ni wọ́n ní kò yẹ kí ó lò ó. Afínkoríko tí kò ní ju táǹkì tó ń jò lọ ni wọ́n ní kí ó ṣọ́ra.

Àwọn tó ń tà á kò ṣàìmọ̀. Láti ọdún 1992, ilé iṣẹ́ oògùn kan, Ciba-Geigy, tó wá di Novartis, náwó sórí ètò ìkọ́ni lílo oògùn oko láìséwu ní Íńdíà, Mẹ́síkò àti Sìmbábúè. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìṣe wọn kò yí padà tó bí ìmọ̀ náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun bo ara kò bo ara. Ní ọdún 2000, John Atkin àti Klaus Leisinger, tí wọ́n jẹ́ ara ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kọ ìwé lórí rẹ̀. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ tí kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn yóò lo oògùn rẹ̀ tó léwu jù lọ láìséwu, kí ó kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà. Ètò tó fẹ́ yí ìwà padà ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ìwà nìkan kò tó.

Ohun tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé kọ sínú ìlànà rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ìlànà ọ̀hún, tó ti wà láti ọdún 1985, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yẹra fún oògùn tí lílò rẹ̀ bá gba aṣọ ààbò tó ń ni ènìyàn lára, tó wọ́n, tàbí tí kò sí nítòsí, pàápàá fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní ilẹ̀ olóoru. Kò sí ibi tí gbólóhùn yìí bá mu ju Òkè-Ògùn lọ.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àríyànjiyàn lásán, kí ó wo ìhà kejì ààlà, ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 1999, kòkòrò tó ń jẹ òwú kò kú mọ́ nípa oògùn tí wọ́n ti ń lò. Àwọn tó ń darí òwò òwú bá kó oògùn mìíràn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, ẹndosọ́fáànì, wọ́n sì ń pín in fún àwọn olóko òwú láwìn. Oṣù Ògún ọdún náà, ní agbègbè Banikoara, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 14 lọ ro oko òwú bàbá wọn, tí wọ́n gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀. Wọ́n ti fín oògùn náà síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀. Ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 kú ní ilé ìwòsàn. Ní ìpínlẹ̀ Borgou, ènìyàn 37 ni ìjọba kà pé ẹndosọ́fáànì pa ní àkókò òwú ọdún náà nìkan.

Ìwà wo ni ọmọ náà ìbá yí padà? Ebi pa á nínú oko bàbá rẹ̀, ó sì ya àgbàdo. Bí wọ́n bá ní bàbá ló jẹ̀bi nítorí pé kò sọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n tún wo bí nǹkan ṣe rí: wọ́n fún un ní májèlé láwìn fún òwú, wọn kò fún un ní oògùn kankan fún oúnjẹ, ilẹ̀ kan náà ló sì fi ń dá méjèèjì. Ohun tó dá ikú náà dúró kì í ṣe káàdì. Ní ọdún 2011, àdéhùn Stockholm fi ẹndosọ́fáànì kún àwọn májèlé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa rẹ́.

Nàìjíríà náà ti gbé ìgbésẹ̀. Àjọ NAFDAC fòfin de parakúátì láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, ó sì fòfin de átírásíìnì láti ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. Igi tòkè ni èyí gbé, ó sì ju ẹgbẹ̀rún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òfin tí kò bá dé ìsọ̀ alágbàtà kò tíì dé oko. Ṣakí kò jìnnà sí ààlà, ọ̀nà igbó tó ya síbẹ̀ kò sì níye. Bí ìjọba bá fòfin de oògùn, tí kò fi nǹkan mìíràn tí owó rẹ̀ ká àgbẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tí agbaninímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ kò sì yọjú sí Òkákà, àgbẹ̀ yóò wá oògùn náà lọ, yóò sì rí i ra láìní orúkọ lára. Nígbà náà, wọn yóò tún ní aláìgbọràn ni.

Àwọn kan yóò ní, ṣé ènìyàn kò wá ní ojúṣe sí ara rẹ̀ ni? Ó ní. Kí afínkoríko fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó má fi ẹnu fẹ́ ẹnu ìfín tó bá dí, kí ó má gbé ike oògùn sí ibi tí ọmọdé lè dé, gbogbo èyí wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojúṣe ń bá agbára rìn. Olóko ló lágbára láti pààrọ̀ rọ́bà táǹkì, kí ó sì fi ọjọ́ sanwó dípò iye táǹkì, kí ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ sí etí oko. Alágbàtà ló lágbára láti má tú oògùn sínú ike omi. NAFDAC ló lágbára láti gba ike tí wọ́n ti fòfin dè lọ́jà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló lágbára láti mú oko wọ inú òfin ààbò. Òfin ilé iṣẹ́ ọdún 1987 tí Nàìjíríà ń lò, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ń sọ, alágbàṣe oko kò sí nínú rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo àwọn wọ̀nyí bá ti ṣe tiwọn, kí alábòójútó wá gbé káàdì rẹ̀ wá sí etí oko, kí ó fàlà tó bá wù ú. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ tutù wí, kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni táǹkì náà.